Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Dátà Kí A Tó Rà Á
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ẹ̀rìn-Ilé

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, MTN sọ dátà gígábáìtì 15 ọlọ́jọ́ méje di ₦6,000 láti ₦2,000. Ní àkókò náà, gígábáìtì 1.8 olóṣù kan jẹ́ ₦1,500. Bí a bá fi iye gígábáìtì pín owó, ẹyọ kan nínú ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦400, ti èkejì sì lé ní ₦830. Ti àkọ́kọ́ ni ó jọ ọ̀pọ̀.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí kì í lò ju gígábáìtì 2 lọ́sẹ̀ ńkọ́? Bí ọjọ́ méje bá pé, 13 yòókù ṣòfò, ẹyọ kan tí ó lò sì di ₦3,000. Gàrí tí ó bu kí a tó jẹ ẹ́, ọ̀wọ́n ni. Iye tí a ó lò kí ọjọ́ tó pé ni kí a fi pín owó. Ẹ tẹ *323# lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ èyí tí ó kù sílẹ̀. Ẹ ó mọ ìwọ̀n yín.

Ẹ ka àdéhùn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú. Ṣé òru nìkan ni apá kan wà fún? Ṣé yóò tún máa fa owó fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ bá pé? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ti òru kúrò kí ẹ tó pín in.