Ẹ̀dínwó Owó-orí Lórí Èlé: Ìgbà Tó Ń Ṣiṣẹ́ àti Ìgbà Tí Kì Í Ṣiṣẹ́



Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye tí ọjà ń dá lé gbogbo ìpín ìdókòwò rẹ̀ lónìí jẹ́ mílíọ̀nù 600 náírà, ó sì jẹ bánkì ní mílíọ̀nù 400. Bánkì ń gba èlé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Àwọn tó ni ìpín ń retí ìdá 32, torí ìgbà tí bánkì bá gba tiẹ̀ tán ni tiwọn tó kàn. Èló wá ni gbogbo owó yìí ń ná ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún?

Bí a bá pò ó pọ̀ lásán, kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìdá 29.2 ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ń gba owó-orí ìdá 30 lórí èrè, a sì máa ń yọ èlé kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ka owó-orí náà. Èrè tí a pín fún onípìn-ín kò rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀. Mílíọ̀nù 100 tí wọ́n san fún bánkì dín owó-orí kù ní mílíọ̀nù 30. Gbèsè tí à ń pè ní ti ìdá 25 wá di ti ìdá 17.5:

```
0.6 × 32% + 0.4 × 25% × (1 − 0.30) = 26.2%
```

Modigliani àti Miller gan-an kò ka àǹfààní yìí bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n kọ̀wé ní 1958. Ọdún 1963 ni wọ́n tún un ṣe.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù nìyí: àwọn oníṣirò a kàn mú 0.30 yẹn, wọn a sọ ọ́ sínú ìlànà, láìwo ìwé èrè ilé-iṣẹ́ rárá. Ká ní ọjà kò tà lọ́dún yìí, tí èrè kí a tó san èlé jẹ́ mílíọ̀nù 60 péré. Ẹni tí kò ní ju 60 lọ, kí ni a fẹ́ yọ 100 kúrò nínú rẹ̀? Mílíọ̀nù 18 ni owó-orí tó dín kù lọ́dún yìí, kì í ṣe 30. Òfin lè jẹ́ kí wọ́n gbé àdánù tó ṣẹ́kù lọ sí ọdún tó ń bọ̀, àmọ́ owó ọ̀la kò tó owó òní, pàápàá níbi tí èlé ti ga báyìí. Fún ọdún yìí, gbèsè náà ń ná wọn ní ìdá 20.5, àpapọ̀ sì gòkè sí 27.4.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún yọ èlé kúrò nínú owó tí ẹ retí pé iṣẹ́ yóò mú wọlé, nítorí ìdá 17.5 ti kó o mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ óò kà á.

Ká wá sọ pé wọ́n fẹ́ ra ààrò tuntun tí yóò máa mú ìdá 27 wá. Ẹni tó lo 26.2 yóò ní kí wọ́n rà á. Bí irú ọjà ọdún yìí bá ń bá a lọ, ààrò náà kò ní lè san owó tí a fi rà á.