Iye Tí Sálúbàtà Aláwọ Kan Ń Ná Ẹni Tó Ṣe É

Iye tí ohun àfọwọ́ṣe kan ná ẹni tó ṣe é ni àròpọ̀ gbogbo ohun tó lọ sí i kó tó dé ọwọ́ oníbàárà: ọjà tó wọ inú rẹ̀, ọjà tó ṣòfò nígbà tí a ń ṣe é, wákàtí ẹni tó ṣe é, àti ìpín tirẹ̀ nínú owó ṣọ́ọ̀bù, iná àti ẹ̀rọ. Iye tí a tà á yàtọ̀ sí èyí. Ohun tó bá ṣẹ́kù láàárín méjèèjì ni èrè. Ìtumọ̀ náà kò ju báyìí lọ, inú iṣẹ́ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà.

Iṣẹ́ tí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò ni sálúbàtà aláwọ ọkùnrin, irú èyí tí àwọn oníbàtà Mushin àti Surulere ń fọwọ́ ṣe. Ọjà awọ Mushin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ra awọ, sóòlù àti gọ́ọ̀mù. Àwọn iye owó tó wà níhìn-ín jẹ́ iye àpẹẹrẹ tí ó rọrùn láti ṣírò. Kí oníbàtà kọ̀ọ̀kan fi iye ọjà tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Awọ àti àwọn ohun tó ń bá a rìn

Fíìtì ni wọ́n fi ń wọn awọ tà. Ká ní awọ kan jẹ́ fíìtì 20, tí wọ́n sì ta á ní ₦40,000. Sálúbàtà kan, tọ̀tún tòsì, ń lo fíìtì kan àbọ̀. Oníbàtà á tẹ kakulétọ̀, á sì rí i pé awọ ti sálúbàtà kan jẹ́ ₦3,000, àti pé awọ yẹn á mú 13 jáde. Ṣùgbọ́n awọ kì í ṣe aṣọ tí a hun ní dọ́gba-dọ́gba. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó sì dúró. Apá ikùn rọ̀, ó ń fà. Ọrùn ní ìhunjọ. Ojú ibi tí eégbọn ti jẹ ẹran, ibi tí ẹ̀gún ti ha á, ibi tí ọ̀bẹ ẹni tó bó o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú já, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á láró. Èyí tó tún burú ni pé awọ ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ bára mu ní àwọ̀ àti ní fífà, nítorí náà ibi tó súnmọ́ra ni a ti ń gé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí kò dára, kó fi àtàǹpàkò méjèèjì na awọ náà lápá kọ̀ọ̀kan: ibi tó bá fà tí kò padà sípò kíákíá ni kò gbọ́dọ̀ fi ṣe okùn orí ẹsẹ̀. Bí ó bá fi ṣe é, sálúbàtà náà á tú mọ́ oníbàárà lẹ́sẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Nítorí èyí, awọ tí kakulétọ̀ sọ pé yóò mú 13 jáde lè jẹ́ pé 10 péré ni yóò mú wá. Awọ ti sálúbàtà kan kì í ṣe ₦3,000 mọ́. Ó ti di ₦4,000. Ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí kò le: kí oníbàtà kọ iye awọ tó rà láàárín oṣù mẹ́ta, kó kọ iye sálúbàtà tó jáde nínú wọn, kó sì fi ìkejì pín owó àkọ́kọ́. Bákan náà ni gọ́ọ̀mù. Agolo tí a ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀ ń gbẹ, ó ń ki, ìdajì rẹ̀ sì lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọjọ́ tí a ṣí agolo àti iye bàtà tó jáde kó tó tán ni ìwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ojú rò.

Nígbà tí a bá wá fi gbogbo rẹ̀ jọ, awọ jẹ́ ₦4,000, awọ inú ₦600, páálí ìsàlẹ̀ àti fóòmù ₦500, sóòlù ₦1,800, gọ́ọ̀mù ₦400, òwú àti aró etí ₦200. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá etí sóòlù gba ₦300. Àpò àti páálí tí a fi gbé e fún oníbàárà jẹ́ ₦500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦8,300. Oníbàtà tí kò ka òfò awọ, tó gbàgbé owó fífá àti àpò, á sọ pé ọjà òun jẹ́ ₦6,500.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹni

Ibí yìí ni àríyànjiyàn tó ti pẹ́ wà. Àwọn kan tó ń kọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìṣirò sọ pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ ka ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ìnáwó, pé kò san owó fún ẹnikẹ́ni, pé ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjà ni owó ọwọ́ rẹ̀. Láti inú èrò yìí ni òfin “ìlọ́po méjì” ti jáde: mọ iye ọjà, sọ ọ́ di méjì, tà á. Òfin náà rọrùn, ó sì gbajúmọ̀ gan-an láti Yaba dé Idi-Oro. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni.

Ẹni tó jókòó ṣe bàtà lóòjọ́ ti yááfì owó tí ì bá gbà ká ní ó bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́. Owó yẹn ló ná, bí kò tiẹ̀ ti àpò rẹ̀ jáde. Bí a kò bá kà á, a kò ní lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù tó ń jèrè àti ṣọ́ọ̀bù tó ń fún ọ̀gá rẹ̀ ní owó tó kéré sí ti ọmọṣẹ́. Àwọn tó ń gbèjà ìlọ́po méjì máa ń dáhùn pé ọjà gbówó lórí, pé ìlọ́po méjì á gbé owó ọwọ́ gòkè bí ọjà bá ti ń gòkè. Ìdáhùn yìí gan-an ló fi àbùkù òfin náà hàn. Sálúbàtà tí a fi awọ olówó gọbọi ṣe láìsí ọnà lè gba wákàtí méjì. Èyí tí a fi awọ pọ́ọ́kú ṣe, tí a di okùn rẹ̀ ní dídì bí irun, lè gba wákàtí mẹ́jọ. Ìlọ́po méjì á san owó púpọ̀ fún èyí tí kò gba iṣẹ́, á sì fi iṣẹ́ tó gba làákàyè jìyà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníbàtà fi ń sọ pé bàtà ọlọ́nà kò mówó wọlé, tí wọ́n sì pa á tì. Ọnà kò jẹ̀bi. Ìṣirò ló jẹ̀bi.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ń ṣiṣẹ́, orí ni wọ́n fi ń ṣírò, ó sì tó wọn, nítorí iye ọjà kì í yí padà láàárín oṣù kan sí èkejì, bàtà wọn náà kò sì ju oríṣi mẹ́ta mẹ́rin lọ. Àsìkò yẹn ti kọjá. Ó ń dunni láti rí ẹni tó lè gé awọ dé ibi tí abẹ́rẹ́ kò lè ṣìnà, síbẹ̀ tí kò ní ìwé olójú ewé 20 tó ń kọ wákàtí rẹ̀ sí.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a mú owó oṣù tí oníbàtà lè gbà níbòmíràn, ká ní ₦104,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000, kò sì yẹ kí ọ̀jáfáfá oníbàtà wà ní ìpele yẹn. Ọjọ́ 26, wákàtí 10 lóòjọ́, jẹ́ wákàtí 260 lóṣù. Bí a bá fi 260 pín owó náà, wákàtí kan jẹ́ ₦400. Ṣùgbọ́n kò sí oníbàtà tó ń fi wákàtí 260 ṣe bàtà. Ó ń lọ ra ọjà, ó ń dúró de iná, ó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù, ó ń wọn ẹsẹ̀, ó ń tún èyí tó já ṣe. Bí wákàtí 160 bá kù fún iṣẹ́ gan-an, ₦650 ni wákàtí kan. Sálúbàtà tó bá gba wákàtí mẹ́rin jẹ ₦2,600 owó ọwọ́, kì í ṣe ₦1,600. Wákàtí 160 náà ló sì sọ fún wa pé sálúbàtà 40 ni ọwọ́ kan lè ṣe lóṣù.

Ọmọ iṣẹ́ pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́. Oúnjẹ rẹ̀, awọ tó fi kọ́ṣẹ́ àti wákàtí tí ọ̀gá fi ń tọ́ ọ sọ́nà jẹ́ ìnáwó.

Ìnáwó ṣọ́ọ̀bù

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gba ₦360,000 lé lórí lọ́dún jẹ́ ₦30,000 lóṣù. Epo bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ kékeré, lítà kan lóòjọ́, jẹ́ ₦26,000. Iná ìjọba ₦6,000. Ọkọ̀ lọ sí ọjà awọ ₦6,000. Owó ẹgbẹ́ àti ọlọ́dẹ ₦4,000. Títún ẹ̀rọ ṣe àti bíléèdì ₦4,000. Ẹ̀rọ ìránbàtà tí wọ́n rà ní ₦240,000, tí yóò sì lo ọdún márùn-ún, gbọ́dọ̀ fi ₦4,000 sílẹ̀ lóṣooṣù de ọjọ́ tí yóò kú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Tí a bá fi 40 pín in, sálúbàtà kọ̀ọ̀kan á ru ₦2,000. Tí ó bá jẹ́ pé 20 péré ni a rí ṣe lóṣù yẹn, ₦4,000 ni kọ̀ọ̀kan á ru.

Amọ̀kòkò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Jòsáyà Wẹ́jìwúùdù, rí òtítọ́ yìí ní ọdún 1772. Ọjà kù díẹ̀ káàtó lọ́dún náà, gbèsè sì ń dà á láàmú, ó wá jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ̀, ó tú iye tí àwọn ìkòkò olọ́nà rẹ̀ ń ná an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé àwọn ìnáwó kan ń lọ bákan náà, yálà ìkòkò púpọ̀ jáde tàbí díẹ̀, nítorí náà bí ìkòkò bá ti pọ̀ tó ni ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ṣe ń fúyẹ́ tó. Ìwé yẹn kan náà ló tú àṣírí akọ̀wé tó ń kó owó rẹ̀ jẹ.

Èyí tó bàjẹ́, àti àròpọ̀

Ọjà, ọwọ́ àti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦12,900. Nínú 40, ká ní méjì kò ṣe é tà: ọ̀kan tóóró jù, sóòlù ìkejì ṣí nítorí pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ tó. 38 tó kù ló máa ru owó 40, ìyẹn ₦516,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ nǹkan bíi ₦13,580.

Oníbàtà onílọ́po méjì tó rò pé ọjà òun jẹ́ ₦6,500 ń tà á ní ₦13,000, ó sì gbà pé èrè òun jẹ́ ìdajì. 38 mú ₦494,000 wọlé. Lẹ́yìn ọjà àti ṣọ́ọ̀bù, ₦82,000 ló kù sí i lọ́wọ́, dípò ₦104,000 tí ì bá gbà lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Kò mọ̀, nítorí pé ó ń rí owó ná.

Ọjà tó ń gòkè

Ó ku ìnáwó kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà kan gorí ₦488 ní ilé epo NNPC ní Èkó, ó sì dé ₦998 ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Wọ́n tún jẹ́ kí náírà wá ojú ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, sóòlù àti gọ́ọ̀mù tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Nítorí náà, iye tí a ó fi ra awọ mìíràn ni a fi ń ṣírò, kì í ṣe iye tí a ra èyí tó wà nílẹ̀. Bí awọ bá ti di ₦50,000, awọ ti sálúbàtà kan ti di ₦5,000, kódà fún èyí tí a gé lánàá. Ẹni tó bá sì ta àwìn oṣù méjì gbọ́dọ̀ fi iye tí ọjà lè dà ní oṣù méjì sí i mọ́ ọn.