Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tuntun láàárọ̀

Ọ̀gá ti dárúkọ mi fún yín. Yàrá àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, okùn omi tí a ń lò máa ń kán wẹ́wẹ́: ẹ̀kán 60 ló ń di mílílítà 1. Ti àwọn àgbà níhìn-ín, ẹ̀kán 20 ni.

Bí mílílítà 500 yóò bá wọ ara aláìsàn ní wákàtí 8, ẹ̀kán 21 ni ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá ṣírò rẹ̀ bíi tọmọdé, yóò di 63. Omi náà yóò tán kí wákàtí 3 tó pé, ó sì lè mú kí èémí aláìsàn há.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé iṣẹ́ fún mi, ẹ jẹ́ ká jọ ka ẹ̀kán náà lẹ́bàá ibùsùn.