Ìpolówó Tí Kò Mú Ọjà Tà: Ọrùn Ta Ni Àdánù Rẹ̀ Yóò Wà?



Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ polówó ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè gbà sanwó. Ó lè san iye kan fún ìgbà ẹgbẹ̀rún tí ìpolówó rẹ̀ bá hàn. Ó lè sanwó kìkì nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ó sì lè dúró dìgbà tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ra ọjà. Ọ̀nà ẹgbẹ̀rún ti wà lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1998 ni GoTo.com ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi títẹ̀ ta gbàǹjo. Google alára fi ọ̀nà ẹgbẹ̀rún bẹ̀rẹ̀ AdWords ní 2000, kó tó bọ́ sí títẹ̀ ní 2002.

Kí wá ló yàtọ̀ láàárín wọn? Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Èrè rẹ̀ lórí aṣọ kan jẹ́ 6,000 náírà, ó sì ní 50,000 náírà tó fẹ́ fi polówó. Ká ní 1,000 náírà ni wọ́n ń gbà fún ìfarahàn ẹgbẹ̀rún, ìpolówó rẹ̀ yóò hàn nígbà 50,000. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún, 500 ènìyàn ni yóò wọlé. Bí méjì bá rà nínú ọgọ́rùn-ún tó wọlé, oníbàárà mẹ́wàá ló rí. Títẹ̀ kan ná an ní 100 náírà, oníbàárà kan sì ná an ní 5,000. Èrè 1,000 náírà ló kù fún un lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbáà sanwó ẹgbẹ̀rún, ìbáà san 100 náírà lórí títẹ̀, ìbáà san 5,000 lórí oníbàárà, bákan náà ni. Ìyàtọ̀ máa ń yọjú nígbà tí nǹkan ò bá lọ bí a ṣe rò ó.

Ká ní àwòrán aṣọ náà ṣú, tí ẹnì kan péré ń tẹ̀ ẹ́ nínú ẹgbẹ̀rún. Lọ́nà ẹgbẹ̀rún, 50,000 náírà yóò mú àádọ́ta ènìyàn wọlé, bóyá ẹnì kan á rà. Ìyá ti pàdánù. Lọ́nà títẹ̀, owó rẹ̀ ò ní lọ báyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ojú-ìwé tí ìpolówó ti ń hàn ń ṣírò tirẹ̀: 100 náírà péré ni ìpolówó yìí ń mú wá fún un nínú ìfarahàn ẹgbẹ̀rún, níbi tí ti ẹlòmíràn ti ń mú 1,000 wá. Yóò yí ti ìyá sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sanwó títẹ̀ tí owó ò sì lọ, ẹ yẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ yín wò.

Tí àwòrán bá dára, tí ẹni méjì ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀nà ẹgbẹ̀rún á mú oníbàárà ogún wá pẹ̀lú owó kan náà, 2,500 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń san 100 náírà lórí títẹ̀ ṣì wà lórí 5,000.

Àmọ́ títẹ̀ kì í ṣe rírà. Bí ọ̀pọ̀ títẹ̀ bá ń wọlé láàárín òru, láti ìlú tí ẹ kì í kó ọjà lọ, ẹ fura: ó lè jẹ́ ayédèrú. Tó bá jẹ́ ojúlówó ènìyàn ni, tí wọn ò rà, iye owó ọjà tàbí ojú-ìwé yín ló ń lé wọn.

Ọ̀nà oníbàárà ló dà bíi pé ó fọkàn ẹni balẹ̀ jù, torí ẹni tó ń ta àyè ìpolówó ló gbé gbogbo ewu. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wọ́n, tí onítọ̀hún kì í sì í gbà á fún ọjà tuntun tí kò tíì ní àkọsílẹ̀. Ìṣòro tó tún tóbi jù ni pé onítọ̀hún gbọ́dọ̀ lè rí ìgbà tí ọjà tà. Oníbàárà tó tẹ ìpolówó, tó wá lọ dúnàádúrà lórí WhatsApp, ti kúrò níbi tí wọ́n lè kà á. Ẹni tó ní òun á sanwó nígbà tí ọjà bá dé ilé, tó wá kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó tó wọlé ni títà, kì í ṣe ọjà tí wọ́n kàn béèrè fún.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀ lọ́nà títẹ̀, kí ẹ sì máa ka iye tó rí i, iye tó tẹ̀ ẹ́ àti iye tó rà. Ẹ pín owó tí ẹ ná sí iye àwọn tó rà. Bó bá ju èrè yín lórí ọjà kan lọ, ẹ dá a dúró. Bí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ bá wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún fi dín owó oníbàárà kù, ẹ bọ́ síbẹ̀.