Àlùwàlá Inú Dáńfó: Ẹ̀jẹ̀, Oorun àti Ìfọwọ́kàn

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Mo ṣe àlùwàlá níbi iṣẹ́ ní Mààrínà, mo kí Àìlá, mo wá wọ dáńfó. Mo ní àlùwàlá yẹn náà ni n ó fi kí Alásárì ní Fẹ́sítáàkì. Bí mo ṣe ń wọlé, irin ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ha mí lójúgun, ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo nù ún, mo sì jókòó. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ pọ̀ lójú ọ̀nà, ni oorun bá gbé mi lọ. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, n ò mọ̀. Kọ̀ndọ́ pariwo "Fọ́ọ̀sì Géètì!", n ò gbọ́. Ìgbà tí a dé Àgbójú ni ìyá kan tó jókòó tì mí pè mí, ó na fóònù mi sí mi, ìka wa sì kanra.

Mo dé mọ́sáláásí, mo kírun. Mo ti ṣe ìṣirò mi nínú ọkọ̀: ẹ̀jẹ̀ kì í ba àlùwàlá jẹ́ lọ́dọ̀ Mọ́líkì, oorun ìjókòó kì í bà á jẹ́ lọ́dọ̀ Ṣáfíì, ọwọ́ obìnrin kì í bà á jẹ́ lọ́dọ̀ Hánáfì. Mo sọ ọ́ fún àfáà tó kọ́ mi ní kéú. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o dárúkọ yẹn, ta ló máa gbà pé o ní àlùwàlá?"

Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀jẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lójú Imaamu Mọ́líkì àti Ṣáfíì, ohun tó bá gba ojú ara iwájú tàbí ti ẹ̀yìn jáde ló ń ba àlùwàlá jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ojúgun kò sí nínú rẹ̀. Kéèyàn ṣáà fọ̀ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Imaamu Abu Hánífà, ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn kúrò lójú ọgbẹ́ ti bà á jẹ́. Èyí tó kàn yọ lójú ọgbẹ́, tí kò ṣàn, kò ṣe nǹkan kan. Tèmi ṣàn dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ìfọwọ́kàn ló tẹ̀ lé e. Nínú Àlùkùránì, Súrà 5, áyà 6, Ọlọ́hun ka fífi ọwọ́ kan obìnrin mọ́ ohun tó ń mú kéèyàn wẹ ara rẹ̀ mọ́ kó tó kírun. Ṣáfíì mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà: bí ara ọkùnrin bá kan ara obìnrin tí wọ́n lè fẹ́ra, láìsí aṣọ láàárín, ó ti bàjẹ́, ì báà jẹ́ pé wọn ò mọ̀ọ́mọ̀. Abu Hánífà ní ìbálòpọ̀ ni áyà náà ń sọ. Mọ́líkì, tó jẹ́ olùkọ́ Ṣáfíì, wà láàárín: tó bá jẹ́ adùn lo wá, tàbí tó o rí adùn níbẹ̀, ó bàjẹ́; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò bàjẹ́. Hádíìsì kan wà tí Àíṣà sọ, pé òun máa ń sùn síwájú Ànábì bí wọ́n ṣe ń kírun lóru, tí wọ́n bá fẹ́ forí kanlẹ̀, wọn a fọwọ́ kan òun kí òun lè ká ẹsẹ̀ kò. Àwọn tó tẹ̀ lé Mọ́líkì fi ṣe ẹ̀rí. Àwọn Ṣáfíì dáhùn pé aṣọ lè wà láàárín.

Oorun ló kù. Ṣáfíì ní ẹni tí ìdí rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ibi tó jókòó dáadáa kò sọ àlùwàlá nù. Mọ́líkì kì í wo ìjókòó. Bí oorun ṣe wúwo tó ló ń wò. Àmì oorun tó wúwo ni pé ohun ọwọ́ ẹni á bọ́ láìmọ̀, itọ́ á ṣàn lẹ́nu, tàbí ẹni náà ò ní gbọ́ ohùn ẹni tó wà nítòsí. Fóònù mi bọ́, ọkọ̀ sì gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ.

Ó ti yé yín báyìí. Lọ́dọ̀ Hánáfì, ẹ̀jẹ̀ ti bà á jẹ́. Lọ́dọ̀ Mọ́líkì, oorun. Lọ́dọ̀ Ṣáfíì, ìka ìyá yẹn. Mo ṣa ìrọ̀rùn mẹ́ta pọ̀ di àlùwàlá kan tí ìkankan nínú wọn ò mọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe irú àdàlù yìí ní tálífíìkì, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gbà á nínú ìjọ́sìn kan ṣoṣo.

Àfáà ní kì í ṣe pé èèyàn ò lè gba ọ̀rọ̀ imaamu mìíràn. Ṣùgbọ́n kó gbà á nítorí ẹ̀rí tàbí nítorí ìnira tòótọ́, kì í ṣe nítorí pé ó ń sá fún omi. Wọ́n wá béèrè pé inú ìwé wo ni mo ti kọ́ àlùwàlá. Mo ní Àkídárì. Ìwé Mọ́líkì ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé kéú nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní, "Oorun ni kó o dáhùn fún nìyẹn."

Mo gbé kẹ́tùlù, mo tún àlùwàlá ṣe, mo sì tún Alásárì kí kí Mọ̀ngàríbì tó wọlé. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣirò tí mo ṣe nínú ọkọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dìgbà kan ná. Má sàláámọ̀.