Ìṣẹ́jú Márùn-ún Àkọ́kọ́ Níbi Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni a máa ń pè láti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan òṣìṣẹ́ tuntun, yálà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni o, tàbí ní ilé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ní aṣojú nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ṣí ìjókòó náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà nínú ìgbìmọ̀ kan ní Kàdúná. Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ni a ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé tí ó ti Mákúdì wá, tí ó sì ti sun ojú ọ̀nà. Àwa márùn-ún ni a kọjú sí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un. Alága kò gbé ojú kúrò nínú fáìlì tí ó fi ní, "Sọ nípa ara rẹ." Ọmọ náà dá orúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì há. Alága ní, "Má bẹ̀rù, a kì í jẹ ènìyàn." Ni gbogbo wa bá rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè mẹ́ta tí a bi í tẹ̀ lé e, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan péré ni ó fi dáhùn.

Arábìnrin kan tí ó ṣojú ẹgbẹ́ wá tọrọ àyè. Ó bu omi fún un, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ẹ tọ́jú àká ajílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Bí ọkọ̀ ẹrù bá dé láàárọ̀, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?" Ọ̀rọ̀ dé! Ó ní òun kì í jẹ́ kí àpò kan sọ̀ kalẹ̀ kí òun tó ka ìwé ẹrù tí ó wà lọ́wọ́ awakọ̀. Pé òun a ka àpò bí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀, òun a ya èyí tí ó tutù tàbí tí ó ya sọ́tọ̀, òun a kọ iye wọn sínú ìwé náà, awakọ̀ a sì fọwọ́ sí i kí ó tó lọ. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ti kọ máàkì ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀. Máàkì méjì ni ó fi wà lẹ́yìn ẹni tí a gbà.

Kí ni arábìnrin náà ṣe tí alága kò ṣe? "Sọ nípa ara rẹ" kò sọ ibi tí ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tí yóò dúró sí, nítorí náà ó le ju bí a ti rò lọ. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn ti mọ̀ ní tirẹ̀ ní ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já a máa rí okùn dì mú níbẹ̀. Ní ti "Má bẹ̀rù", ohun tí ó ń sọ fún olùwáṣẹ́ ni pé gbogbo wa ti rí ìbẹ̀rù rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ka fáìlì tán kí ẹ tó pè é wọlé. Kí ẹnì kan nínú yín lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó béèrè bí a ti ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí pé ahọ́n wa kò dọ́gba ní ilẹ̀ yìí. Bí ó bá jókòó, kí alága sọ ọ̀rọ̀ báyìí ní èdè tí gbogbo yín jọ gbọ́:

"Ẹ káàbọ̀. Èmi ni alága. Àwọn wọ̀nyí yóò sọ orúkọ àti iṣẹ́ wọn. A ó lo nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìbéèrè mẹ́fà ni a ní, àwọn kan náà ni a sì ń bi gbogbo ẹni tí ó wá. Ẹ ó rí wa tí a ń kọ̀wé. Kí a má baà gbàgbé ohun tí ẹ sọ ni. Bí ìbéèrè kò bá yé yín, ẹ ní kí a tún un sọ. Ẹ lè ronú kí ẹ tó dáhùn. Ní ìparí, ẹ̀yin náà yóò bi wá léèrè. Ẹ ó gbọ́ èsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Èyí kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má ṣe fo ti ìwé kíkọ. Ẹni tí a kò sọ fún a máa rò pé àṣìṣe òun ni gbogbo bírò ń kọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì kò bá sì dá yín lójú, ẹ dá ọjọ́ tí ó dá yín lójú.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ béèrè ohun kan nínú iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí, kí ẹ má sì fún un ní máàkì kankan. Kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo olùwáṣẹ́.

Ọ̀yàyà ní ààlà o. Àwa ọmọ ilẹ̀ yìí, kí a tó jókòó tán ni a ti ń béèrè ìlú ẹni, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ẹni, ọkọ àti ọmọ. Níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e tì. Abala 42 nínú Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 lòdì sí fífi ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin yanni jẹ, ohun tí a bá sì ti gbọ́ kò ṣeé dá padà sẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́. Bákan náà, bí ẹ bá fi Yorùbá kí ọmọ Ìbàdàn tí ẹ jọ rẹ́rìn-ín dáadáa, kí ni ẹ ó fi kí ọmọ Mákúdì? "Ṣé ẹ rí ọ̀nà wá dáadáa?" tó fún gbogbo wọn.

Ẹ ó mọ̀ pé ara ti rọ̀ ọ́ bí ìdáhùn rẹ̀ bá ń gùn sí i, tàbí bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ tún ìbéèrè kan sọ. Bí ó bá tún dákẹ́, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín kí ẹ tó fọhùn. Ẹ má ṣe bá a dáhùn. Bí kò bá rí i sọ síbẹ̀, ẹ ní, "A ó padà sí ìyẹn," kí ẹ sì bọ́ sí òmíràn. Kí akọ̀wé fi àmì sí ìbéèrè náà, nítorí alága a máa gbàgbé láti padà.