Ẹ̀kọ́ Alẹ́: Kíka Páálí Oògùn

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà l'Ájàṣẹ́, lálẹ́ òní, ẹ kó páálí oògùn tó ti ṣófo wá sí kíláàsì. Èdè Faransé ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, nítorí náà àmì méjì péré ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín: FAB ni ìgbà tí wọ́n ṣe é, EXP ni ìgbà tí agbára rẹ̀ yóò tán. Bí ẹ bá rí EXP 08/2027, ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2027 ni òpin rẹ̀.

Kí wọ́n má baà fi FAB pe EXP, ẹ fún wọn ní páálí tí wọn kò rí rí. Ẹ bi wọ́n pé: “Ṣé a ṣì lè lò ó?” Kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ẹ̀rí wọn.